Àròpọ̀ dọ́gba, síbẹ̀ nọ́ḿbà mẹ́ta ṣìnà: bí a ṣe ń yẹ bálánsì ṣíìtì tí wọ́n síkáànù wò

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Ìbàdàn fi bálánsì ṣíìtì ẹgbẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi. Ọ́dítọ̀ ti fọwọ́ sí i, òǹtẹ̀ ti wà lára rẹ̀, wọ́n sì ti síkáànù rẹ̀ di PDF. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí n bá wọn kó iye inú rẹ̀ sínú Excel lọ, kí wọ́n lè máa fi ọdún kan wé òmíràn. Mo ní kí kọ̀ǹpútà kà á. Mo wo àròpọ̀ ohun ìní: 36,633,000 náírà. Mo wo àròpọ̀ gbèsè, mo ro ó mọ́ ìpín àwọn tó ni ẹgbẹ́: 36,633,000 náírà. Ó dọ́gba láìku kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá pa kọ̀ǹpútà dé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nọ́ḿbà mẹ́ta ló ti ṣìnà nínú ohun tí mo kó jáde yẹn.

Bí ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀, àti bí èèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n, ni mo fẹ́ sọ. Mo ti yí iye inú ìwé náà padà díẹ̀, torí owó ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń gbé síta, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ dọ́gba?

Ká mú ọ̀rọ̀ ọ̀kadà. Ẹnì kan ra ọ̀kadà ní 900,000 náírà. 600,000 nínú owó náà, ó yá a ni. Ohun ìní rẹ̀ jẹ́ 900,000, gbèsè ọrùn rẹ̀ jẹ́ 600,000, ìpín tirẹ̀ gan-an nínú ọ̀kadà náà sì jẹ́ 300,000. Gbèsè àti ìpín yẹn, tí a bá rò wọ́n pọ̀, kò lè ṣe kó má jẹ́ 900,000, nítorí ìyọkúrò la fi mọ ìpín rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: a yọ gbèsè kúrò lára ohun ìní, ohun tó ṣẹ́ kù ni tirẹ̀.

Bálánsì ṣíìtì kò ju ìyẹn lọ, àfi pé ìlà rẹ̀ pọ̀. Ó ń sọ ohun tí ẹgbẹ́ ní nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kan pàtó ṣú; nínú ìwé tiwa, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni. Apá kan jẹ́ ohun ìní: ilẹ̀, ilé, owó tó wà ní báńkì, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá tí wọn ò tíì dá padà. Apá kejì ń sọ ẹni tó ni owó tí wọ́n fi ní gbogbo rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ẹlòmíràn tó lè béèrè rẹ̀, ìyẹn gbèsè, a jẹ́ pé ti àwọn tó ni ẹgbẹ́ ni. Kò sí ẹnì kẹta. Láti ọdún 2012 tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá orí pátákó ọjà ìdókòwò Nàìjíríà ti ń lo òfin ìṣirò àgbáyé tí à ń pè ní IFRS, `Statement of Financial Position` ni ẹ ó máa rí lókè ìwé tiwọn. Ìwé kan náà ni, aṣọ ló pààrọ̀.

Ibì kan wà tó máa ń bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú. Owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù, tó ti pé 24,860,000 náírà nínú ìwé yìí, abẹ́ gbèsè ni ọ́dítọ̀ kọ ọ́ sí. Màmá kan dìde nípàdé, wọ́n ní, "Owó tí mo fi òógùn ojú mi dá lẹ wá ń pè ní gbèsè?" Gbèsè ni, Mà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló jẹ ẹ́, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ gba owó ìfipamọ́ yín lọ́la, dandan ni kí ẹgbẹ́ wá a jáde. Ṣíà yàtọ̀ sí i: òun ni owó tí ẹ fi di ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́. Ṣíà gan-an kò sì fi bẹ́ẹ̀ dúró síbì kan. Òfin ìṣirò kan wà fún irú ẹgbẹ́ yìí, IFRIC 2, tó sọ pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá lè béèrè ṣíà rẹ̀ padà tí ẹgbẹ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, gbèsè ni kí wọ́n kà á sí.

Ìdí tí mo fi pẹ́ lórí èyí ni pé ọ́dítọ̀ mìíràn máa ń kó owó ìfipamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ṣíà àti owó ìpamọ́ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ jọ sábẹ́ àkọlé kan, `Financed by`. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti yọ gbèsè kéékèèké kúrò lára ohun ìní lápá òkè, nítorí náà, ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ìwé tiwa, àròpọ̀ tó kẹ́yìn kò ní jẹ́ 36,633,000. Ẹ ó rí 35,142,400 lókè, ẹ ó sì rí i nísàlẹ̀: ohun ìní ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ 1,490,600 tí ẹgbẹ́ jẹ àwọn ọlọ́jà àti ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀. Ó dọ́gba bákan náà. Ẹni tí kò fura ni yóò pe 35,142,400 ní àròpọ̀ ohun ìní, tí yóò tún wá ro 1,490,600 mọ́ apá kejì, tí àlàfo yóò sì yọ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ṣàṣìṣe. Kí ẹ tó kó nọ́ḿbà kankan, ẹ fojú wá ibi tí wọ́n ti fa ìlà méjì pọ̀. Iye tó wà lórí ìlà méjì yẹn ni ọ́dítọ̀ ń sọ pé ó dọ́gba.

Bí a ṣe ń yọ iye jáde

Ẹ kọ́kọ́ fi máọ́sì fa orí ọ̀rọ̀ kan nínú PDF náà. Bí ó bá mú ọ̀rọ̀ náà, lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ẹ lè dà á kọ. Bí kò bá mú nǹkan kan, àwòrán lásán ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé 7 wà níbẹ̀. Dúdú lára funfun ló rí. A nílò ohun tí yóò wo dúdú náà tí yóò sì sọ lẹ́tà tó jọ. Èyí tí mo ń lò ni Tesseract, ọ̀fẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1985, ó sì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò ní 2005. Ìlà méjì péré ni mo tẹ̀:

```
pdftoppm -r 300 -gray -png iwe.pdf oju
tesseract oju-1.png esi -l eng --psm 6
```

Ìlà kìíní sọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan di àwòrán tó ní tóótòòtó 300 nínú íńṣì kan. Bí tóótòòtó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu 3 a máa pa dé, yóò sì di 8. Àmọ́ bí síkáànù náà bá ti ṣe bàìbàì láti ilẹ̀, 300 yẹn kò lè dá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ lórí wásáàpù, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò, torí wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́. Nínú ìlà kejì, `--psm 6` ń sọ fún Tesseract pé odindi kan ni ojú ewé náà, kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún. Bí a kò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó lè ka orúkọ ohun ìní tán lápá kan, kó tó wá da nọ́ḿbà jọ sí apá kejì bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sílẹ̀.

Ohun tó kà wà nínú `esi.txt`. Abala ohun ìní tí kò ní pẹ́ di owó rèé, bó ṣe gbé e jáde:

```
Loans to Members  3  21,878,200  18,240,000
Stock             4   1,904,750   2,110,300
Cash at Bank      5   3,615,400   2,987,650
Cash in Hand         648,150      39,200
```

Nọ́ḿbà kékeré tó tẹ̀ lé orúkọ ń tọ́ka sí àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé. Àwọn oníṣirò ń pè é ní nóòtì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ọdún 2023, èyí tó kẹ́yìn sì ni ti 2022. Àṣìṣe méjì nínú mẹ́ta tí mo sọ wà nínú ìlà mẹ́rin yìí. Ẹ tún un wò.

Ìdí tí àròpọ̀ fi purọ́ fún mi

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nínú Excel ni èyí, níbi tí C13 ti jẹ́ àròpọ̀ ohun ìní, tí C17 jẹ́ àròpọ̀ gbèsè, tí C21 sì jẹ́ àròpọ̀ ìpín:

```
=C13-(C17+C21)
```

Òdo ló jáde. Ṣùgbọ́n ibo ni nọ́ḿbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ti wá? Láti orí ìwé. Ọ́dítọ̀ ti rò wọ́n pọ̀ lọ́fíìsì tirẹ̀ kó tó tẹ̀ wọ́n, Tesseract sì rí wọn kà dáadáa nítorí pé wọ́n nípọn, wọ́n sì dá dúró. Òdo yẹn ń sọ ohun méjì péré: ìṣirò ọ́dítọ̀ dọ́gba, àti pé kọ̀ǹpútà ka nọ́ḿbà mẹ́ta yẹn bó ṣe tọ́. Kò fọwọ́ kan àwọn ìlà tó wà láàárín. Mo lè kọ ìtàn ìjàpá sí ibi owó báńkì, òdo ni yóò ṣì máa jáde.

Nítorí náà, Excel fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ro ìlà pọ̀, kó wá yọ àròpọ̀ tí ọ́dítọ̀ tẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Abala kan lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ìlà mẹ́rin òkè yẹn wà ní C8 dé C11, àròpọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ wọn wà ní C12:

```
=SUM(C8:C11)-C12
```

Mo tẹnu mọ́ abala kọ̀ọ̀kan nítorí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní mo ro gbogbo ìlà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun ìní ì bá jẹ́ 37,733,000, apá kejì ì bá jẹ́ 37,462,000, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 271,000. Kò sí ìlà kankan nínú ìwé náà tó jọ 271,000. Àṣìṣe mẹ́ta ló lọ́ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀: méjì gbé apá òkè ga, ọ̀kan gbé apá ìsàlẹ̀ ga, wọ́n sì ti jẹ lára ara wọn. Èèyàn lè fi gbogbo alẹ́ wá a.

Abala kọ̀ọ̀kan kò lọ́ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ àti ilé jẹ́ 8,450,000, jẹnẹrétọ̀ àti àga jẹ́ 1,236,500, àròpọ̀ wọn bá ti ọ́dítọ̀ mu: òdo. Gbèsè náà, òdo. Abala méjì ti mọ́, n kò tún ní ìdí láti padà síbẹ̀. Ìpín àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló fi 829,000 lé. Àwọn ìlà mẹ́rin tiwa sì fi 1,100,000 lé.

Ohun tí àlàfo ń sọ

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 829,000. Nígbà tí àlàfo bá yọ, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé mo pín in sí méjì, mo wá wò ó bóyá ìdajì rẹ̀ wà nínú abala náà. Ìdajì 829,000 ni 414,500. Ó wà níbẹ̀, ó jókòó sójú ìlà àdánù. Nínú ìwé ìṣirò, wọn kì í sábà fi àmì ìyọkúrò síwájú iye tí wọ́n fẹ́ yọ. Àkámọ́ ni wọ́n ń fi sí i. Lórí ìwé, ohun tó wà níbẹ̀ ni `(414,500)`: ẹgbẹ́ ti pàdánù iye yẹn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ṣíà 4,725,000 àti owó ìpamọ́ 5,971,900. Yíǹkì òǹtẹ̀ ti gun orí àkámọ́ náà, Tesseract sì fò ó. Ohun tó yẹ kí Excel yọ, ó rò ó mọ́ ọn, ìdí sì nìyẹn tí àlàfo fi jẹ́ ìlọ́po méjì iye náà. Mo fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀, àròpọ̀ padà di 10,282,400, òdo sì jáde.

Nígbà mìíràn, àkámọ́ kì í sọnù, ńṣe ló máa ń di 1, tí `(414,500)` yóò sì di `1414,500`. Kọ́mà ló máa ń tú ìyẹn fó, nítorí kò yẹ kí nọ́ḿbà tó wà ṣáájú kọ́mà àkọ́kọ́ ju mẹ́ta lọ.

Ó ku 1,100,000. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣi ẹyọ nọ́ḿbà kan ṣoṣo kà, àlàfo rẹ̀ máa ń jẹ́ ẹyọ kan tí òdo tẹ̀ lé: 3 tó di 8 yóò fi 5 àti òdo sílẹ̀, 1 tó di 7 yóò fi 6 àti òdo sílẹ̀. 1,100,000 kò rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ méjì ló wà níwájú rẹ̀. Kò lè jẹ́ àṣìkà kan. Mo bá padà síbi ìlà mẹ́rin yẹn, mo sì rí ohun tó ti yẹ kí n rí láti àárọ̀: nóòtì 3, nóòtì 4, nóòtì 5, lẹ́yìn náà òfo. Níbo ni 6 wọlé sí? Ó ti lọ lẹ̀ mọ́ owó ọwọ́. Lórí ìwé, `6` ni, àyè díẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà `48,150`. Àyè náà kéré, Tesseract sì so wọ́n pọ̀ di 648,150. Ká ní mo tiẹ̀ fi ojú akápò wò ó, ó yẹ kí n ti bi ara mi pé ẹgbẹ́ tí owó ọwọ́ wọn jẹ́ 39,200 lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n ń fi ohun tó lé ní 600,000 ṣe nínú dúrọ́ọ̀.

Mo yọ 6 náà, 500,000 ló kù. Wàyí o, ẹyọ kan àti òdo ni. 5 níwájú òdo sábà máa ń jẹ́ 3 tó di 8, ipò ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ló sì wà. Nínú ìlà mẹ́rin náà, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá nìkan ló ní 8 ní ipò yẹn: 21,878,200. N kò tíì fọwọ́ kàn án o. Ìṣirò lè nawọ́ sí ibi tí àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n ojú ni yóò jẹ́rìí. Mo ṣí àwòrán náà, mo fẹ̀ ẹ́ lójú títí nọ́ḿbà kan fi tó àtàǹpàkò, mo sì rí i pé 3 ni. 21,378,200. Ẹni tó bá kàn ń yí nọ́ḿbà padà títí òdo yóò fi jáde kò yẹ ìwé wò, ńṣe ló ń kọ ìwé tirẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀kan tí Excel máa ń fi ṣeni. Bí Tesseract bá kọ lẹ́tà O dípò òdo, iye náà kì í ṣe nọ́ḿbà mọ́ lójú Excel, `SUM` yóò sì fò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àlàfo bá jẹ́ odindi ìlà kan géérégé, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ohun tí òdo kò lè sọ

Ká ní mo ti ṣèèṣì kó òpó 2022 dípò 2023 látòkè délẹ̀, òdo ni yóò jáde, torí ọdún yẹn náà dọ́gba nígbà tirẹ̀. Ká ní mo ti kọ owó báńkì sójú ìlà ọjà, tí mo kọ ti ọjà sójú ìlà báńkì, òdo náà ni. Bí wọ́n bá kọ `₦'000` lókè òpó tí mi ò rí i, gbogbo rẹ̀ yóò dọ́gba, yóò sì fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kéré. Nínú irú ìwé onílọ́po ẹgbẹ̀rún bẹ́ẹ̀, àlàfo 1 kì í sì í ṣe àṣìkà lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti ké ìdá ẹgbẹ̀rún tó ṣẹ́ kù lára ìlà kọ̀ọ̀kan ni.

Ohun tí mo ń fi kún un ni pé mo máa ń ro òpó ọdún tó kọjá náà pọ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè rẹ̀. Nínú ìwé tiwa, ìlà mẹ́rin yẹn jẹ́ 23,377,150 fún 2022, ṣùgbọ́n 23,368,150 ni ọ́dítọ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀. Àlàfo 9,000. Mo fẹ àwòrán lójú, 2,987,650 ló wà níbi owó báńkì kedere; kọ̀ǹpútà kò ṣì í kà. Àlàfo tí 9 bá pín géérégé sábà máa ń jẹ́ pé nọ́ḿbà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ló gbàpò ara wọn, Tesseract kì í sì í sábà ṣe irú ìyẹn. Ọwọ́ ọmọ èèyàn ló ń ṣe é nígbà tó bá ń tẹ̀wé. Mo ní kí akápò wá bálánsì ṣíìtì ti ọdún tó ṣáájú jáde. Ohun tó wà níbẹ̀ ni 2,978,650.

Mo fi 2,987,650 sílẹ̀ nínú Excel bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, mo kun ibẹ̀ ní pupa, mo sì kọ ti ìwé àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akápò ti mú ìwé méjèèjì lọ bá ọ́dítọ̀.